Okùn Fífò àti Ìfò Onílù fún Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: Ètò Ẹ̀kọ́ Ọlọ́sẹ̀ Mẹ́fà

Okùn fífò, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà ń pè ní sìkípíìn, jẹ́ eré ìdárayá tí ó ń béèrè pé kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe iṣẹ́ méjì tí ó yàtọ̀ síra ní àkókò kan náà. Ọwọ́ ń yí okùn, ẹsẹ̀ ń fò, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ ṣe déédéé ara wọn. Ìwé yìí wà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ń ṣàbẹ̀wò sí ilé-ẹ̀kọ́, fún àwọn olùkọ́ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àti fún àwọn òbí, pàápàá òbí tí ọmọ rẹ̀ ní àìlera kan tí kò sì mọ̀ bóyá ọmọ náà lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ fò. Ó ṣàlàyé ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà tí ó lè mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ bára mu, kí èémí rẹ̀ sì gùn sí i.

Nínú ìtọ́nisọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020, wọ́n dámọ̀ràn pé kí àwọn ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe eré ìdárayá tí ó mú ara gbóná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 60 lójoojúmọ́, kí eré tí ń mú iṣan àti egungun le sì wà nínú rẹ̀, ó kéré tán, ní ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀. Okùn fífò wà lára irú eré bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìwúwo ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni egungun ẹsẹ̀ ń gbà ní gbogbo ìgbà tí ó bá balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò lè dá gbé gbogbo ìṣẹ́jú yẹn. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó fi ìmọ̀ kan lé ọmọ lọ́wọ́, èyí tí yóò máa lò ní àkókò ìsinmi àti ní ojúde ilé wọn.

Kí ni ó ń mú kí ọmọ máa kọsẹ̀?

Nígbà tí okùn bá ń kọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀ léraléra, ohun tí àwọn àgbàlagbà máa ń sọ ni pé ara ọmọ náà wúwo tàbí pé kò lókun. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ kí ó gba okùn lọ́wọ́ ọmọ náà, kí ó sì ní kí ó máa fò lójú kan bí ẹni ń fi okùn fò. Bí ó bá lè fò báyìí fún ìṣẹ́jú àáyá 15 láìdúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ lókun tó. Àkókò ni kò tíì mọ̀: kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ bí okùn bá ti ń bọ̀ láti òkè orí.

Ohun kejì kò hàn sí ojú kíákíá. Ara ènìyàn ní ìwọ̀n ìyára kan tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti máa fi fò lójú kan, èyí tí ó sún mọ́ ìfò méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìwọ̀n yìí, iṣan tí ó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ máa ń ta padà bí rọ́bà tí a fà tí a sì jọ̀wọ́, ara a sì gòkè láìlo agbára púpọ̀. Bí a bá ní kí ọmọ fò lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìtapadà yẹn á sọnù, iṣan itan àti ti ẹsẹ̀ á wá máa ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, ọmọ á sì yára rẹ̀. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó rọra fò kí okùn má baà kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ń mú kí iṣẹ́ náà le sí i ni.

Okùn ni ó yẹ kí a mú lọ́ra, kì í ṣe ẹsẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé kí ọmọ máa fò ní ìwọ̀n tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n kí okùn máa yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ìfò méjì. Ìfò àkọ́kọ́ ni ìfò ńlá, abẹ́ rẹ̀ ni okùn ń gbà kọjá. Ìfò kejì ni ìfò kékeré, èyí tí ọmọ fi ń dúró de okùn nígbà tí ó wà lókè orí rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tí ó ti mọ eré tẹn-tẹn, àti àwọn ọmọ Gánà tí ó ti mọ ampe, máa ń tètè mọ èyí, nítorí pé fífò àti àtẹ́wọ́ ti ń bá ara wọn lọ nínú eré tiwọn tipẹ́. Ó sì yẹ kí olùkọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà níwájú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kí àwọn yòókù lè máa wò wọ́n.

Okùn wo ni ó yẹ?

Okùn tí ó fúyẹ́ jù kì í yí dáadáa. Okùn òwú tẹ́ẹ́rẹ́ a máa ká lójú ọ̀run, kò sì ní ìwúwo tí yóò fi sọ fún ọwọ́ ọmọ ibi tí òun wà. Okùn ọ̀rá tí ó nípọn tó mílímítà 8 sí 10, irú èyí tí àwọn ènìyàn fi ń di ẹrù, ni ó dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá tún fúyẹ́, a lè gé rọ́bà omi sí wẹ́wẹ́, kí a sì ki okùn bọ inú rẹ̀ títí yóò fi bo àárín okùn náà. Èyí á fi ìwúwo kún un, á sì mú kí okùn dún nígbà tí ó bá kan ilẹ̀. Ìdún yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí pé etí ọmọ ni yóò kọ́kọ́ mọ àkókò kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Láti mọ gígùn rẹ̀, kí ọmọ fi ẹsẹ̀ kan tẹ àárín okùn, kí ó sì fa ẹnu rẹ̀ méjèèjì sókè ní ẹ̀gbẹ́ ara. Ó yẹ kí ó dé abíyá rẹ̀. Bí ó bá dé èjìká tàbí ó kọjá rẹ̀, okùn náà gùn jù. Yóò máa wọ́ nílẹ̀ níwájú ọmọ, ọmọ á sì máa na ọwọ́ síta láti gbé e sókè. Bí kò bá dé abíyá rárá, yóò máa gbá a lórí. Ìdí tí a fi fẹ́ràn abíyá fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni pé okùn tí ó gùn díẹ̀ ń yí lọ́ra. Nígbà tí ó bá ti mọ̀ ọ́n fò, a lè ta kókó kún un kí ó kúrú sí i.

Kí a mú kíláàsì kan ṣe àpẹẹrẹ: akẹ́kọ̀ọ́ 48, ọmọ ọdún 8 sí 9, ní ìwé kẹta ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní ìlú kan ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà. Olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó wà, owó tí ó wà nílẹ̀ sì tó ra ìdì okùn kan tí ó gùn tó mítà 50. Bí a bá gé okùn 16 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 2.4, yóò gba mítà 38.4. Láti inú mítà 11.6 tí ó kù, a óò rí okùn gígùn méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 5. Kókó tí a ta sí ẹnu okùn kéékèèké, tí ọmọ yóò máa dì mú, yóò gba nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tí yóò kù fún fífò á sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 2.1. Ẹni tí ó bá rí ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ lè gé e láti fi ṣe ibi ìdìmú, ṣùgbọ́n kí ó fi yanrìn tàbí ìwé ìfágbá fá ẹnu rẹ̀ kí ó má baà gé ọmọ lọ́wọ́. Àgbàlagbà nìkan ni kí ó fi iná di ẹnu okùn ọ̀rá kí ó má baà tú, nítorí pé ọ̀rá yíyọ́ a máa lẹ̀ mọ́ awọ ara.

Okùn 16 fún ọmọ 48 kì í ṣe àìtó. Ó túmọ̀ sí pé ọmọ mẹ́ta ni yóò máa pín okùn kan, ìpín yìí gan-an ni ó sì gbé gbogbo ètò náà ró. Nígbà tí ọmọ kan bá ń fò, èkejì ń kà, ẹ̀kẹta sì ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé ìlù. Lẹ́yìn náà wọ́n á yí ipò padà. Láìsí ẹni tí ó lọ jókòó sábẹ́ igi, ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ní ìsinmi tí ó jẹ́ ìlọ́po méjì àkókò tí ó fi fò. Kíláàsì tí gbogbo ọmọ ti ní okùn tirẹ̀ a máa rẹ àwọn ọmọ náà ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ìjàngbọ̀n a sì dé.

Ilẹ̀ tí ó dọ́gba, tí ó le díẹ̀, ni ó dára: ilẹ̀ amọ̀ tí a ti tẹ̀ tí a sì gbá, tàbí koríko kúkúrú. Kọnkéré le jù fún egungun bí kò bá sí bàtà tí ó nípọn, yanrìn sì rọ̀ jù, ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ mì. Kí wọ́n bọ́ sálúbàtà sílẹ̀, nítorí okùn a máa kọ́ ọ. Ẹsẹ̀ lásán kò burú níbi tí a bá ti ṣa òkúta àti ìgò kúrò. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nílò àyè mítà 3 sí mítà 3. Tí a bá tò wọ́n ní ìlà mẹ́rin, ẹgbẹ́ mẹ́rin ní ìlà kọ̀ọ̀kan, pápá tí ó jẹ́ mítà 12 ní ìbú àti ní òòró ti tó gbogbo kíláàsì náà.

Báwo ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ṣe ń lọ?

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà lọ́sẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 30, ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Ìlù kan ṣoṣo ni yóò máa dún fún gbogbo kíláàsì. Agolo òfìfo àti igi kan ti tó. Olùkọ́ ni kí ó kọ́kọ́ máa lù ú, kí ó máa lu ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó jẹ́ ìlù 120 ní ìṣẹ́jú kan. Kí ó fi aago tẹlifóònù dán ara rẹ̀ wò ṣáájú, nítorí pé ọwọ́ onílù a máa yára láìmọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá ń pariwo, wàhálà tí ó sì máa ń tẹ̀lé e ni pé gbogbo kíláàsì á bẹ̀rẹ̀ sí kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ bá kọsẹ̀ papọ̀, kí a kọ́kọ́ yẹ ìlù wò.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, okùn kò kúrò nínú àpò. A fi ṣọ́ọ̀kì tàbí igi fa ìlà sílẹ̀, àwọn ọmọ á sì máa fò lórí ìlà náà pẹ̀lú ìlù: ní ojú kan, síwájú àti sẹ́yìn, sí ọ̀tún àti sí òsì. Ohun tí olùkọ́ ń wá ni ìbàlẹ̀ tí kò dún. Kí iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kí eékún tẹ̀ díẹ̀, kí ìfò má sì ga ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ. Etí olùkọ́ wúlò níbí ju ojú lọ. Bí ìbàlẹ̀ kíláàsì bá dún gbì-gbì, wọ́n ń fò ga jù tàbí gìgísẹ̀ wọn ni ó ń kọ́kọ́ balẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọwọ́ ni a ń kọ́. Ọmọ á di ẹnu okùn méjèèjì mú pẹ̀lú ọwọ́ kan, á sì máa yí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, kí okùn máa kan ilẹ̀ lórí ìlù kan kí ó sì fo èkejì. Ìgbọ̀nwọ́ gbọ́dọ̀ wà nítòsí ìhà, ọrùn ọwọ́ ni kí ó máa yí. Lẹ́yìn ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì. Nígbà tí okùn bá ti ń dún déédéé, kí ọmọ fi ìfò kún un, kí ìfò ńlá bọ́ sí ìgbà tí okùn ń kan ilẹ̀. Okùn kò tíì gba abẹ́ ẹsẹ̀ kọjá, nítorí náà kò sí ohun tí yóò kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti ń pàdé. Ọmọ tí ìpele yìí bá ṣòro fún kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fò ó kọjá nítorí ìkánjú yóò padà wá bá a ní ọ̀sẹ̀ kẹrin.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni okùn kọjá lórí. Ọmọ á gbé okùn sẹ́yìn gìgísẹ̀, á yí i wá síwájú, á sì jẹ́ kí ó dúró nídìí ìka ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìdúró yìí ni yóò fò ó. Èyí dà bí eré ọmọ kékeré, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ojú àti ọwọ́ ní ọ̀nà tí okùn ń gbà. Díẹ̀díẹ̀, ìdúró náà á máa kúrú títí yóò fi pòórá, ọmọ á sì fò ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, láìdúró. Fún àwọn tí kò tíì lè ṣe é, okùn gígùn méjèèjì nì wà nílẹ̀. Àgbàlagbà kan àti akẹ́kọ̀ọ́ kan á máa yí i, ọmọ á sì dúró sí àárín láìní ohunkóhun lọ́wọ́, kí ó lè fetí sí ìdún okùn kí ó sì fò.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin ni a ti ń kọ́ ìfaradà. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń yí padà: bí ìfò kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó. Iye ìgbà tí ó kan ọmọ jẹ́ mẹ́fà nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kò sì yí padà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọmọ á fò fún ìṣẹ́jú àáyá 15, á sì sinmi fún 30 nígbà tí àwọn méjì yòókù bá ń fò. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó di 20 àti 40. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó di 30 àti 60. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan fò fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìṣẹ́jú méjì ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àti ìṣẹ́jú mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kò fo okùn rí. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni ìyípo náà gbà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Èyí tí ó kù nínú ìṣẹ́jú 30 náà wà fún mímú ara gbóná ní ìbẹ̀rẹ̀, fún àtúnṣe, fún omi mímu, àti fún eré tí àwọn ọmọ bá yàn fúnra wọn.

Kíka ìkọsẹ̀

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń ka iye ìgbà tí ọmọ fò, wọ́n á sì fi orúkọ ẹni tí ó fò jù sára ògiri. Iye yìí kò sọ ohun púpọ̀. Ohun tí ó ń sọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe ni ibi tí ìkọsẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Níbi ìdánwò ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ọmọ tí ń kà fa àpótí mẹ́ta sílẹ̀. Bí ẹnìkejì rẹ̀ bá kọsẹ̀, kí ó ju òkúta kékeré kan sínú àpótí tí ó bá a mu. Olùkọ́ á máa pe “kejì” lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 10, á sì pe “kẹta” lẹ́yìn 20.

Kí a mú ọmọ méjì láti inú kíláàsì àpẹẹrẹ wa. Nínú ìdánwò ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkọsẹ̀ márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Ẹni tí ó ń wo àpapọ̀ yóò sọ pé ọgbọọgba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n òkúta ọmọ àkọ́kọ́ jẹ́ mẹ́ta ní àpótí àkọ́kọ́, ọ̀kan ní èkejì, ọ̀kan ní ẹ̀kẹta. Ó ń kọsẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tù ú, nítorí náà àárẹ̀ kọ́ ni. Àkókò ni kò mọ̀, kí ó padà sí yíyí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, irú èyí tí a ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ọmọ kejì kò ní òkúta kankan ní àpótí àkọ́kọ́, ó ní ọ̀kan ní èkejì, ó sì ní mẹ́rin ní ẹ̀kẹta. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti bára mu, èémí ni ó tán. Kí ó padà sí ìṣẹ́jú àáyá 20 fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ìkọsẹ̀ márùn-ún kan náà, ìtọ́jú méjì tí kò jọra.

Bí ìkọsẹ̀ bá pọ̀ ní gbogbo àpótí, kí olùkọ́ wo ọwọ́ ọmọ náà láti iwájú. Bí ọwọ́ bá ti ṣí kúrò ní ìhà tí ó sì ga, okùn ti kúrú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ nìyẹn, kò sí bí kò ṣe ní kọ́ ọ. Kí ó tún wò ó láti ẹ̀gbẹ́: ọmọ tí ń ká ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí ẹṣin tí ń tapá yóò fi gìgísẹ̀ gbá okùn.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a sọ láìfi bò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kéré láti yí agbára ọkàn ọmọ padà lọ títí. Púpọ̀ nínú ìlọsíwájú tí a óò rí yóò wá láti inú pé ọmọ náà kò fi agbára ṣòfò mọ́. Olùkọ́ lè mọ bí iṣẹ́ náà ṣe wúwo tó nípa ọ̀rọ̀ sísọ: ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fò tán yẹ kí ó lè pe orúkọ rẹ̀ àti ti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń mí gùlegùle. Bí kò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ lẹ́yìn ìsinmi rẹ̀, iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù fún un.

Ọmọ tí ó ní àìlera

Nàìjíríà ni a ti ń bí ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde jù lọ ní gbogbo ayé, nítorí náà olùkọ́ tí ó ní ọmọ 48 kò gbọ́dọ̀ gbà pé kò sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára wọn. Ohun méjì ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí i. Àwọn kan á ní kí ó jókòó máa wo àwọn yòókù láti ọdún dé ọdún. Àwọn mìíràn, tí wọn kò mọ̀ nípa àìsàn náà, á fi ìyà jẹ ẹ́ pé ó ń ṣe ọ̀lẹ. Èkejì léwu púpọ̀. Àṣejù, òùngbẹ, àti òtútù tí ó mú ara lẹ́yìn òógùn lè fa ìrora egungun tí yóò gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn.

Bí òṣìṣẹ́ ìlera tí ń tọ́jú rẹ̀ bá fọwọ́ sí i, ọmọ yìí lè wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́ta rẹ̀ bí àwọn yòókù. Ètò yìí bá a mu nítorí pé ìfò rẹ̀ kúrú, ìsinmi sì wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ọmọ náà ní láti tọrọ rẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Kí ó dúró sí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15 títí dé òpin ètò náà. Kí ó ní ẹ̀tọ́ láti dúró nígbàkígbà láìbéèrè àyè. Kí ó mu omi ṣáájú, láàárín, àti lẹ́yìn ẹ̀kọ́, láìdúró de òùngbẹ. Ní ìgbà ọyẹ́, kí ó ní aṣọ gbígbẹ tí yóò wọ̀ lẹ́yìn eré. Kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìdíje ta-ni-yóò-fò-pẹ́-jù. Bí ìrora àyà tàbí ti egungun bá mú un, bí èémí rẹ̀ kò bá rọlẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi, tàbí bí ibà bá mú un, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ bá ṣàdédé rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́, ìṣẹ́jú kan kò gbọ́dọ̀ ṣòfò.

Ọmọ tí ó ní ikọ́ fée nílò mímú ara gbóná díẹ̀díẹ̀, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, kí ó tó fo okùn. Bí dókítà bá ti fún un ní oògùn tí a ń fà sínú láti ẹnu ṣáájú eré, kí ó lò ó bí a ṣe pàṣẹ rẹ̀, kí oògùn náà sì wà lọ́wọ́ olùkọ́ lórí pápá, kì í ṣe nínú yàrá tí a tì pa. Ní ọjọ́ tí eruku ọyẹ́ bá pọ̀, inú kíláàsì ni kí a ti pa àtẹ́wọ́ àti ìlù.

Ní oṣù Ramadan, àwọn ọmọ kan lè máa gbààwẹ̀. Iṣẹ́ kíkà, ìlù lílù, àti yíyí okùn gígùn ni kí a fún wọn, kí a sì dá ìdánwò dúró títí ààwẹ̀ yóò fi parí. Fún ọmọbìnrin tí ó wọ híjáàbù, kí a bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa èyí tí ó kúrú díẹ̀ tí a sì lè ká etí rẹ̀ sínú aṣọ, àti ṣòkòtò lábẹ́ yẹ̀rì. Okùn tí ó bá kọ́ aṣọ lè fa ọrùn.

Ìrora gìgísẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n ń dàgbà kíákíá, nǹkan bí ọdún 8 sí 13. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gìgísẹ̀ náà pọ̀ tí ọmọ sì ké, ibi tí egungun ti ń dàgbà ni ó ń dùn ún. A kì í dè é, a kì í sì í wọ́ ọ. Ó fẹ́ ìsinmi kúrò lórí fífò títí kò fi ní dùn mọ́, lẹ́yìn náà kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ padà láti ìṣẹ́jú àáyá 15, lórí koríko. Ṣùgbọ́n bí gìgísẹ̀ bá wú, tí ó gbóná, tàbí tí ó ń dùn ún lóru tí kò jẹ́ kí ó sùn, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti okùn fífò, kí a fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí dókítà.